Fídíò Mi Ti Dé Ojú Ewé Ẹlòmíràn: Ohun Tí Wọ́tàmáàkì àti Bọ́tìnnì Dáńlóòdù Lè Ṣe, àti Ibi Tí Agbára Wọn Mọ

Ká ní obìnrin kan wà ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, tó ń fi gèlè wíwé jẹun. Ó ya fídíò ìṣẹ́jú kan tó fi kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń ká gèlè aṣọ òkè tó le gbagidi láìlo píìnì púpọ̀, ó sì gbé e sórí TikTok lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Kó tó di ọjọ́ Ajé, ojú ewé kan lórí Facebook ti gbé fídíò náà. Wọ́n ti gé orúkọ rẹ̀ kúrò nísàlẹ̀, wọ́n ti fi nọ́ńbà WhatsApp tiwọn rọ́pò rẹ̀, àwọn tó fẹ́ wé gèlè fún ìgbéyàwó sì ti ń pe nọ́ńbà náà. Bó ṣe ké sáwọn ọ̀rẹ́, ọ̀kan ní, "Kí ló dé tí o ò ti dáńlóòdù pa?" Èkejì ní, "Wọ́tàmáàkì rẹ ló kéré jù."

Ìmọ̀ràn méjèèjì ní òótọ́ díẹ̀ nínú, àmọ́ kò sí èyí tó lè dá ẹni tó fẹ́ kó fídíò dúró. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni bọ́tìnnì dáńlóòdù ń ṣe, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni wọ́tàmáàkì ń ṣe. Ohun tó ń mú kí ẹ̀dà fídíò kúrò lójú ewé ẹlòmíràn kì í ṣe ọ̀kankan nínú wọn. Ẹ̀sùn tí ẹni tó ni fídíò bá fi orúkọ ara rẹ̀ kọ ni.

Ohun tí a bá ti wò ti wọ fóònù ná

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé wíwò lọ́tọ̀, dídáńlóòdù lọ́tọ̀. Wọ́n rò pé fídíò wà lọ́hùn-ún lọ́dọ̀ TikTok, pé òjìji rẹ̀ lásán ni fóònù ń fi hàn wá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kí fóònù tó lè gbé fídíò sójú, ó ní láti gba fídíò náà gan-an láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì, díẹ̀díẹ̀, kó sì tọ́jú rẹ̀ fúngbà díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wíwò fi ń jẹ dátà. Nígbà tí áàpù bá ní a kò lè dáńlóòdù, ohun tó ń sọ ni pé òun kò ní fún wa ní bọ́tìnnì tí yóò kó ohun tó ti wọlé sínú fóònù lọ sí ibi tí àwòrán wa wà. Ohun náà ti wọlé tẹ́lẹ̀.

Ọ̀nà méjì tó rọrùn ni àwọn tó ń kó fídíò kiri máa ń gbà. Àkọ́kọ́ ni kí wọ́n gba ohun tó ń lọ lójú fóònù wọn sílẹ̀. Gbogbo fóònù ìgbàlódé ló ní ohun èlò yìí, TikTok kò sì dí i. Àmì ọkàn, àmì kọ́mẹ́ǹtì àti orúkọ tí áàpù kọ sójú yóò bá fídíò náà jáde, wọ́n á wá gé etí rẹ̀ kí wọ́n lè mú wọn kúrò. Ọ̀nà kejì ni àwọn ojú òpó tí èèyàn máa ń lẹ líǹkì fídíò mọ́, tí wọ́n á sì lọ bá a mú fídíò wá láti orí kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ náà. Èyí ló burú jù fún oníṣẹ́, nítorí fídíò tí wọ́n bá gbé wá báyìí kì í sábà ní àmì TikTok lára rárá.

Ẹni tó bá ti gbìyànjú láti gba fíìmù Netflix sílẹ̀ lójú fóònù rẹ̀ lè béèrè pé kí ló dé tí ti Netflix máa ń dúdú kirikiri. Ìdí ni pé Netflix ń ti fíìmù rẹ̀ pa pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀, apá kan nínú fóònù tí àwọn áàpù yòókù kò lè wò ló sì ń ṣí i. TikTok, Instagram àti Facebook kì í ti fídíò àwọn èèyàn lásán pa báyìí, nítorí bí fídíò bá ṣe ń tàn kálẹ̀ ni ọjà tiwọn ṣe ń tà. Títì tí Netflix tì í náà kò sì dí ẹni tó bá gbé fóònù kejì síwájú àkọ́kọ́, tó ń fi kámẹ́rà yà á.

Ohun tí bọ́tìnnì dáńlóòdù ń ṣe gan-an

Lórí TikTok, ẹ lọ sójú ewé ara yín, ẹ tẹ ìlà mẹ́ta tó wà lókè, ẹ wọ `Settings and privacy`, lẹ́yìn náà `Privacy`, kí ẹ wá wá `Downloads`. Ibẹ̀ ni ẹ ti lè pa á. Fún àkáǹtì ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16, TikTok fúnra rẹ̀ ló ti pa á, ẹnikẹ́ni kò sì lè tàn án. Lórí Instagram, nǹkan bẹ́ẹ̀ wà lábẹ́ `Sharing and reuse`. Láti ọdún 2023 ni Instagram ti ń jẹ́ kí àwọn èèyàn dáńlóòdù fídíò kúkúrú láti àkáǹtì tó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Tí àkáǹtì yín bá ṣí sílẹ̀, tí ẹ kò sì tíì débẹ̀ rí, ó ṣeé ṣe kí ó wà ní títàn.

Bí ẹ bá pa á, àwọn tí kò ní èrò ibi lọ́kàn ló máa dá dúró. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń fi fídíò ránṣẹ́ sí gúrúùpù ẹbí kì í ṣe olè. Bọ́tìnnì ló wà níwájú wọn, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́. Bí bọ́tìnnì kò bá sí níbẹ̀, líǹkì ni wọ́n á fi ránṣẹ́, ẹni tó bá sì tẹ líǹkì yóò dé ojú ewé yín gan-an. Èrè ńlá lèyí. Ṣùgbọ́n kò kan àwọn ẹ̀dà tí wọ́n ti dáńlóòdù ṣáájú ọjọ́ tí ẹ pa á. Ìyẹn ti wà nínú fóònù olówó rẹ̀, kò sì sí bọ́tìnnì tó lè pè é padà.

Ibì kan wà tí ìpinnu yìí ti le ju bó ṣe rí lójú lọ. Fídíò tí èèyàn bá fi bọ́tìnnì TikTok dáńlóòdù máa ń jáde pẹ̀lú orúkọ àkáǹtì yín lára, orúkọ náà sì máa ń kúrò ní igun kan bọ́ sí òmíràn bí fídíò ti ń lọ. Tí ẹ bá pa bọ́tìnnì náà, ẹni tó fẹ́ràn fídíò yín tó sì fẹ́ ní in dandan á lọ sí ojú òpó tí yóò bá a mú ẹ̀dà tí kò ní orúkọ wá. Nítorí náà, ẹni tó ń ta ọjà, tó fẹ́ kí fídíò òun dé gbogbo gúrúùpù WhatsApp ní Ìbàdàn, lè jèrè jù tó bá fi bọ́tìnnì sílẹ̀ ní títàn. Ẹni tó ń ta ẹ̀kọ́ inú fídíò fúnra rẹ̀, tàbí tó gbé fídíò ọmọ rẹ̀ síta, ló yẹ kó pa á. Bí ohun tí ẹ ń dáàbò bò bá sì níye lórí tó bẹ́ẹ̀, ẹ má gbé gbogbo rẹ̀ síta: ẹ fi apá kan fa àwọn èèyàn mọ́ra, kí ẹ pa ìyókù mọ́ fún àwọn tó sanwó.

Wọ́tàmáàkì: àmì ni, kì í ṣe àgádágodo

Àmì tí Fúlàní ń fi irin gbígbóná sun sára màlúù kò ní kí olè má fa màlúù lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá rí màlúù náà lọ́jà ìlú kejì. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́tàmáàkì rí. Kò ní agogo kankan tí yóò lù nígbà tí wọ́n bá gbé fídíò lọ. Ilé-iṣẹ́ Facebook kì í ka orúkọ tí ẹ kọ sára fídíò, kí ó wá dá fídíò náà padà fún yín. Àwọn tó ń wo fídíò ló ń kà á, àti ẹni tó máa yẹ ẹ̀sùn yín wò lọ́jọ́ iwájú. Àǹfààní méjì ló wá ní: ó ń darí ẹni tó wò ó sọ́dọ̀ yín, ó sì ń ṣe ẹ̀rí pé ẹlòmíràn ló kọ́kọ́ ni ín.

Kí àmì tó lè ṣe ẹ̀rí, ó gbọ́dọ̀ wà lára fídíò nígbà tí wọ́n bá gé e. Ibẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn oníṣẹ́ ti ń pàdánù. Wọ́n máa ń kọ orúkọ sí igun ìsàlẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀bẹ kọ́kọ́ máa ń dé. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Fídíò tí ó dúró gbọọrọ lójú fóònù sábà máa ń fẹ̀ ní tọ́ọ́ 1,080, ó sì máa ń ga ní tọ́ọ́ 1,920. Tọ́ọ́ ni ojú àwọ̀ tíntìntín tí àwòrán fi ń dúró. Bí ẹnì kan bá fẹ́ kó bá ìwọ̀n tí Facebook àti Instagram fi ń gbé àwòrán gígùn síta mu, yóò gé e sí 1,350 ní gíga. Ìyẹn ni pé 285 lọ lókè, 285 lọ nísàlẹ̀. Bí ó bá gé e kí gígùn àti fífẹ̀ rẹ̀ dọ́gba, 420 ló máa lọ lókè, 420 nísàlẹ̀. Orúkọ tí ẹ bá kọ sí ibi tó fi 100 jìnnà sí ìsàlẹ̀ ti bá a lọ nínú gígé méjèèjì. Èyí tí ẹ bá kọ sí agbedeméjì, tí kò súnmọ́ òkè tàbí ìsàlẹ̀ tó 420, ni yóò yè é.

Ti obìnrin gèlè wa nìyí: ó kọ orúkọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, lábẹ́ ọwọ́ tó ń ká aṣọ. Ojú ewé Facebook gé fídíò náà di èyí tó dọ́gba, orúkọ bá a lọ, gèlè ṣẹ́kù. Ká ní ó kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú obìnrin tí wọ́n ń wé gèlè fún ni, wọn kò ní lè gé e láìgé ojú náà, fídíò náà kò sì ní wúlò fún wọn mọ́. Òfin kan péré ló wà níbẹ̀: ẹ fi àmì sí ibi tí olè nílò. Kò gbọ́dọ̀ dúdú débi tí yóò fi di ojú iṣẹ́ yín. Nínú áàpù tí ẹ fi ń ṣe fídíò, irú CapCut tàbí InShot, ẹ lè kọ orúkọ náà, kí ẹ wá dín bó ṣe hàn kù títí tí ẹ ó fi rí aṣọ láti ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó yí ibi tó wà padà lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta kí fídíò tó parí, torí ẹni tó bá fẹ́ fi nǹkan bò ó yóò ní láti bò ó níbi púpọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí kì í jẹ́ kí wọ́tàmáàkì ṣe yín lóore. Ní ọdún 2021, Instagram kéde pé òun kò ní máa gbé fídíò kúkúrú tó ní àmì áàpù mìíràn lára síwájú àwọn èèyàn bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá dáńlóòdù fídíò ara rẹ̀ láti TikTok, tó wá gbé e sórí Instagram pẹ̀lú àmì TikTok, ara rẹ̀ ló ń dí lọ́nà. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà tí kò ní àmì áàpù kankan, tí orúkọ yín nìkan wà lára rẹ̀, kí ẹ máa gbé èyí síbi gbogbo.

Ẹ̀sùn ló ń mú u kúrò

Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ti Nàìjíríà, èyí tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2023, kò ní kí ẹ kọ́kọ́ lọ forúkọ fídíò sílẹ̀ kó tó di tiyín. Bí ẹ bá ti fi làákàyè yín ṣe é, tí ẹ sì ti yà á, ẹ ti ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀. Òfin náà tún ka yíyọ àmì tó ń fi oníṣẹ́ hàn lára iṣẹ́ orí ẹ̀rọ sí ẹ̀ṣẹ̀ tó dá dúró láyè ara rẹ̀, nítorí náà wọ́tàmáàkì tí wọ́n gé ń dá kún ẹjọ́ wọn. Lẹ́yìn odi, Nàìjíríà ti wà nínú àdéhùn Berne láti ọdún 1993, èyí tó ń mú kí Amẹ́ríkà mọ ẹ̀tọ́ yín. Òfin tí Amẹ́ríkà ṣe ní ọdún 1998 ló sì fa fóọ̀mù ẹ̀sùn tí Facebook, Instagram àti YouTube ń lò.

Kí obìnrin gèlè tó tẹ ohunkóhun, ó yẹ kó kó ẹ̀rí jọ. Kó ya àwòrán ojú ewé tí wọ́n gbé fídíò sí, kí ọjọ́ àti nọ́ńbà tí wọ́n kọ síbẹ̀ hàn. Kó da líǹkì fídíò náà kọ, kì í ṣe líǹkì ojú ewé lápapọ̀. Kó tọ́jú fídíò bó ṣe ti inú kámẹ́rà jáde, pẹ̀lú àwọn apá tó gé sọnù, nítorí ẹni tó jí fídíò kò lè ní ohun tí kò sí nínú rẹ̀. Ẹ má fi WhatsApp tọ́jú irú fídíò yìí lásán: ó máa ń fún un pọ̀, ó sì máa ń nu ọjọ́ tí wọ́n yà á kúrò. Bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn, ẹ fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìwé, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí fídíò.

Lẹ́yìn náà, kó tẹ tọ́ọ́ mẹ́ta tó wà lókè fídíò náà lórí Facebook, kó yan pé òun fẹ́ fẹjọ́ sùn, kó sì yan `Intellectual property`. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Wọ́n máa ń yan pé ìdọ̀tí ni, tàbí kí wọ́n rán àádọ́ta ọ̀rẹ́ láti bá wọn fẹjọ́ sùn. Ẹ̀sùn tí ọ̀rẹ́ bá kọ kò níye lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́, torí ẹni tó ni iṣẹ́ tàbí aṣojú rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń gbọ́ tirẹ̀. Fóọ̀mù náà á béèrè orúkọ rẹ̀, ímeèlì rẹ̀, líǹkì fídíò tirẹ̀ lórí TikTok, líǹkì ẹ̀dà tí wọ́n jí, àti ìbúra pé òótọ́ lòun ń sọ àti pé òun ló ni ín. Kó ṣàlàyé ní gbólóhùn méjì tàbí mẹ́ta: èmi ni mo ya fídíò yìí, mo gbé e síta ní ọjọ́ báyìí, wọ́n gé orúkọ mi kúrò nísàlẹ̀. Kò sídìí láti bú wọn.

Kó fara balẹ̀ lórí orúkọ àti ímeèlì tó máa lò. Facebook lè fi méjèèjì ránṣẹ́ sí ẹni tí wọ́n fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Lórí YouTube, orúkọ ẹni tó fẹjọ́ sùn lè hàn síta níbi tí fídíò ti kúrò. Ẹ ṣí ímeèlì iṣẹ́ tí ẹ ò fi ṣe ohun mìíràn.

YouTube tún ní ohun èlò kan tó ń bá èèyàn wá ẹ̀dà fídíò rẹ̀ kiri. Orúkọ rẹ̀ ni `Copyright Match Tool`. Àwòrán àti ohùn ló fi ń dá fídíò mọ̀, kì í ṣe wọ́tàmáàkì, nítorí náà gígé orúkọ nìkan kò tó láti sá fún un. Ṣùgbọ́n orí YouTube nìkan ló ń wò, ẹ̀dà tó jọ fídíò yín pátápátá tàbí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ọ́ ló ń wá, ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé e síbẹ̀ ló sì ń bá wá a. Bí ẹ bá ń lo TikTok nìkan, tí ẹlòmíràn sì ṣáájú yín gbé e sórí YouTube, kò ní mọ̀ pé tiyín ni. Ó tó ìdí láti máa gbé fídíò síbẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Níbẹ̀, ẹ lè yan kí wọ́n mú ẹ̀dà kúrò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, tàbí kí ẹ fún ẹni náà ní ọjọ́ 7 láti fọwọ́ ara rẹ̀ mú un kúrò. Ẹni tó bá gba ìkìlọ̀ 3 láàárín ọjọ́ 90 lè pàdánù àkáǹtì rẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí ọjọ́ 7 yìí fi máa ń mú kí wọ́n yá ara wọn.

Ìgbà tí ẹ̀sùn kì í ṣe tiyín

Ẹni tí wọ́n fẹjọ́ rẹ̀ sùn lè kọ̀wé pé òun kò jẹ̀bi. Lórí YouTube, bí ó bá kọ ọ́, ọjọ́ iṣẹ́ 10 ni ẹ ní láti fi hàn pé ẹ ti gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́. Bí ẹ kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, fídíò yóò padà. Ìbúra tí ẹ fọwọ́ sí kì í sì í ṣe eré, nítorí ẹni tó bá parọ́ sínú rẹ̀ lè fojú ba ilé ẹjọ́. Ẹ rí i dájú pé fídíò jẹ́ tiyín kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́.

Ọgbọ́n gèlè wíwé kì í ṣe ti ẹnì kan. Bí obìnrin mìíràn bá wo fídíò yẹn, tó ká gèlè bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, tó sì fi kámẹ́rà ara rẹ̀ ya tirẹ̀, kò jí nǹkan kan. Fídíò ni òfin dáàbò bò, kì í ṣe ọ̀nà tí wọ́n gbà ká aṣọ. Ẹni tó mú ìwọ̀nba díẹ̀ nínú fídíò yín kó lè sọ èrò rẹ̀ nípa rẹ̀ tún lè ní àǹfààní lábẹ́ òfin.

Ọ̀rọ̀ ayẹyẹ ló máa ń ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu. Àwọn Yorùbá ní ẹni tó lẹrú ló lẹrù, ọ̀pọ̀ ló sì fi èyí gbà pé fídíò ìgbéyàwó tí àwọn sanwó rẹ̀ ti di tàwọn. Lójú òfin, bí ẹ kò bá kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ̀tọ́ náà sábà máa ń wà lọ́wọ́ ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà. Ẹ kọ gbólóhùn kan sí ìwé àdéhùn kámẹ́rà kí ayẹyẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá wà nínú fídíò tí ẹlòmíràn yà, tí ẹ kò sì fẹ́ kó wà níta, ẹ̀sùn ìbanilórúkọjẹ́ tàbí ti ìtúláṣìírí ni ẹ ó kọ. Fóọ̀mù ọ̀tọ̀ ló ní.

Ibì kan wà tí kò sí fóọ̀mù tó lè dé: inú WhatsApp. Ẹni tó fi ránṣẹ́ àti ẹni tó gbà á nìkan ló lè rí ọ̀rọ̀ ibẹ̀, ilé-iṣẹ́ náà kò lè wá fídíò yín kiri láàárín gúrúùpù. Tí ẹ̀dà bá ti wọbẹ̀, kò ní jáde mọ́. Ohun kan ṣoṣo tó lè bá fídíò rìn débẹ̀ ni orúkọ tàbí nọ́ńbà tí ẹ kọ sáàárín gbùngbùn àwòrán náà, níbi tí wọn kò lè gé láìba iṣẹ́ jẹ́. Bí ẹ bá ń lo fídíò fi wá oníbàárà, ẹ kọ nọ́ńbà tí wọn yóò pè síbẹ̀ kí ẹ tó gbé e síta rárá.